"Níbo lẹ ti rí owó yìí?" Ohun tí oníṣòwò lè ṣe kó tó gbé owó ńlá lọ sí báǹkì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sẹ́yìn kàǹtá báǹkì l'Ádó-Èkìtì kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nínú gbogbo ìbéèrè tí mo máa ń bi oníbàárà, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń mú wọn fajú ro: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí owó yìí?" Àwọn kan á rò pé mo pè wọ́n lólè. Àwọn mìíràn á ní ṣé torí pé àwọn ò wọ kóòtù ni mo fi ń da àwọn láàmú. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà l'Ọ́jà Ọba tiẹ̀ dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ulé mi ni! Àbí o fẹ́ kí n kó o wá láti ulé ẹlòmíì ni?" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi ò mọ "ulé" ní ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká pe ìyá náà ní Ìyá Bọ́dé. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni màá fi ṣàlàyé, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré, kò sì sí èyí tó jalè nínú wọn. ₦6,400,000 ló kó wá nínú báàgì aláràbarà tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi rí kọ́bọ̀ fà yọ nínú àkáǹtì ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè

Òfin ló ń béèrè, kì í ṣe akówó tó jókòó sí kàǹtá. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun tó lòdì sí kí èèyàn máa fi ọgbọ́n sọ owó ẹ̀ṣẹ̀ di owó tó mọ́. Ohun méjì nínú òfin náà ló kan ẹni tó ń gbé owó lọ sí báǹkì.

Èkínní ni pé bí owó tí ẹnì kan ṣoṣo gbé wá bá ti ju ₦5,000,000 lọ, báǹkì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ìrìn owó, èyí tí wọ́n ń pè ní NFIU, láàárín ọjọ́ méje. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ni àkáǹtì náà, ₦10,000,000 ni iye tiwọn. Ìwé yìí kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí ìgbà tí ọlọ́dẹ bá ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó gba ẹnu géètì kọjá ni: ọkọ̀ ọba wà níbẹ̀, ọkọ̀ alátà náà wà níbẹ̀. Bí owó yín tilẹ̀ mọ́ bí omi òjò, tó bá ti ju iye yẹn lọ, wọ́n á kọ ọ́ náà ni.

Èkejì ló máa ń fa wàhálà, nítorí pé kò ní iye. Òfin ní bí owó kan bá dé tí kò jọ ohun tí àkáǹtì náà máa ń ṣe, tàbí tó ń wọlé lemọ́lemọ́ láìnídìí, tàbí tí kò sí òwò tó ṣàlàyé rẹ̀, dandan ni kí báǹkì béèrè ibi tí owó ti wá, ibi tó ń lọ, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti ẹni tó ni ín. Nítorí náà, wọ́n lè béèrè lórí ₦900,000 lọ́wọ́ ẹnì kan, kí wọ́n má sì yanu sí ẹlòmíràn tó gbé mílíọ̀nù mẹ́ta wá. Ẹni àkọ́kọ́ kì í gbé ju ₦40,000 wá lọ́sẹ̀. Ẹnì kejì ń ta epo bẹntiróòlù, iye tó máa ń gbé wá láràárọ̀ nìyẹn.

Ohun tó mú kí owó ọwọ́ yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ ni pé owó ọwọ́ ò ní orúkọ lára. Bí oníbàárà yín bá fi ₦300,000 ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀, báǹkì rẹ̀ àti wákàtí tó fi í ránṣẹ́ ti tẹ̀ lé e wá. Ṣùgbọ́n bóyá ìrẹsì lẹ fi pa ìdìpọ̀ owó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ni o, bóyá owó ìtúsílẹ̀ tí wọ́n gbà lórí ẹni tí wọ́n jí gbé ni, bákan náà ni wọ́n rí. Àwa ará Èkìtì ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Lóṣù kìíní ọdún 2024, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré. Owó ọwọ́ ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè, lọ́jọ́ kan ṣá, owó náà á wá ọ̀nà wọ báǹkì, ó sì lè gba orí àkáǹtì ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ẹ tó ní owó ńlá rárá: ẹ lọ tún fọ́ọ̀mù àkáǹtì yín ṣe

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Nígbà tí ẹ ṣí àkáǹtì, wọ́n bi yín ní iṣẹ́ yín àti iye tí ẹ rò pé á máa wọlé lóṣù. Ìyá Bọ́dé ṣí tiẹ̀ lọ́dún 2016. Ọmọ tó bá a kọ fọ́ọ̀mù fi "òwò kékeré" síbi iṣẹ́, ó fi ₦50,000 síbi owó tó ń wọlé lóṣù. Ìgbà yẹn, bóyá òótọ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọdún tí mò ń sọ yìí, ₦150,000 sí ₦200,000 ló ń gbé wá lọ́sẹ̀, fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí ₦50,000. Ẹ wá fojú inú wò ó: kọ̀ǹpútà tó gbà pé ₦50,000 lóṣù ni owó ìyá yìí rí mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ ó dín díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí bí kò ṣe ní pariwo.

Ẹ lọ sí báǹkì lọ́jọ́ tí èrò ò pọ̀, kì í ṣe ọjọ́ Ajé, kì í sì í ṣe ọjọ́ owó oṣù. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ tún àlàyé iṣẹ́ yín kọ. Ẹ mú nọ́ńbà BVN yín dání, ìwé NIN, àti ìwé iná tàbí ìwé mìíràn tó fi àdírẹ́sì hàn. Ẹ kọ iṣẹ́ yín bó ṣe rí gan-an: "Mò ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní osùnwọ̀n àti ní àpò, l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì." Síbi iye owó, ẹ kọ iye tó ń gba ọwọ́ yín kọjá, kì í ṣe èrè nìkan, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ọjà máa ń gbóná. Tó bá jẹ́ pé oṣù Kejìlá ni ọjà yín máa ń yá jù, ẹ jẹ́ kó wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá àkáǹtì yín jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi òté lé. Àkáǹtì kékeré tí wọ́n ń fi fóònù ṣí lójú ẹsẹ̀ kì í gba owó púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ títí wọ́n á fi gbé owó dé kàǹtá.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà yín: ẹ rò pé tí ẹ bá kọ iye tó pọ̀, àwọn agbowó orí á dé. Owó tó gba ọwọ́ èèyàn kọjá kì í ṣe èrè, àwọn náà sì mọ̀. Nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2026, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí èèyàn san owó orí lé lọ́dún. Ẹni tó ń ta àpò ìrẹsì ní ₦75,000, tó sì jèrè ₦4,000 lórí ẹ̀, ₦4,000 yẹn ni ọ̀rọ̀ owó orí bẹ̀rẹ̀ sí í bá wí. Irọ́ tó wà lórí fọ́ọ̀mù báǹkì lè kó yín sí wàhálà tó pọ̀ ju owó orí lọ.

Alẹ́ tó ṣáájú: ẹ pín owó náà sí òkìtì òkìtì

Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ da owó náà sílẹ̀, kí ẹ má kàn ka iye rẹ̀ nìkan. Ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti wá. Bí Ìyá Bọ́dé bá ṣe èyí lálẹ́ ọjọ́ náà, òkìtì mẹ́ta ni ì bá rí.

Òkìtì kìíní: ₦2,000,000, owó èésú. Ogún èèyàn ni wọ́n, ₦100,000 ni kálukú ń dá lóṣù, oṣù Kejìlá ló sì kàn án láti kó. Èésú kì í ṣe ohun ìtìjú ní báǹkì o. Ìdáhùn tó dáa ni, tó bá ti ní ìwé lẹ́yìn. Ẹ ní kí olórí èésú jẹ́ kí ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé tí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tí wọ́n dá wà, kó kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ pé ẹ kó ìpín yín lọ́jọ́ báyìí, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ àjọ ojoojúmọ́ lẹ kó lọ́wọ́ alájọ, káàdì yín tó ti kún náà tó. Ẹ má sọ káàdì nù tí ẹ bá ti kó owó tán.

Òkìtì kejì: ₦2,700,000, owó ìrẹsì Igbẹmọ. Àpò 36 ló tà ní ₦75,000, láti ìparí oṣù Kọkànlá. Níbí, báǹkì á fẹ́ mọ ohun méjì: ṣé lóòótọ́ lẹ ní ìrẹsì tó tó bẹ́ẹ̀, àti pé kí ló dé tí owó náà ò wọ báǹkì díẹ̀díẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀? Ìwé tó ń dáhùn àkọ́kọ́ ni rìsíìtì ibi tí ẹ ti ra ìrẹsì, kì í ṣe ibi tí ẹ ti tà á, nítorí pé oníbàárà tó wá ra àpò méjì fún ìnáwó kì í gba rìsíìtì. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọjọ́, iye àpò àti iye owó sórí ìwé, ì báà jẹ́ ìwé ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjà tiyín, tí ẹ ń kọ lójoojúmọ́. Ti ìbéèrè kejì, ẹ sọ òótọ́. Ìyá Bọ́dé ń kó owó náà pa mọ́ sílé nítorí pé ó fẹ́ fi ra ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì fẹ́ pa ọjà tì lásìkò ọdún láti wá tò sórí ìlà. Ìdí tó ṣeé gbọ́ nìyẹn, kò sì sí akówó kan l'Ádó tí kò mọ bí ìlà báǹkì ṣe máa ń rí nínú oṣù Kejìlá.

Òkìtì kẹta ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: ₦1,700,000 tí kì í ṣe tiẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì tí wọ́n jọ wà lórí ìlà kan náà l'ọ́jà kó ₦850,000 kọ̀ọ̀kan fún un, kó lè bá wọn fi ránṣẹ́ sí ẹlẹ́wà ní Kánò, kí wọ́n lè jọ kó ẹ̀wà sínú ọkọ̀ kan. Ohun tí gbogbo ìyá ọjà ń ṣe ni. Àmọ́ nígbà tí mo bi í pé ta ló ni owó náà, ó ní, "Tèmi ni gbogbo ẹ̀." Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ó ní kí n fi ₦4,900,000 ránṣẹ́ sí Kánò. Lójú òfin, bí àkáǹtì tí àwọn oníjìbìtì fi ń ṣe ojú ọ̀nà ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: owó ńlá wọlé lójijì, ó kan ilẹ̀, ó jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àkáǹtì náà ò tíì bá ṣe rí. Nígbà tí àwọn tó ń mójú tó òfin nínú báǹkì pè é, ó ní ọjà ni. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣàlàyé iye ọjà tó máa di ₦6,400,000, ó wá mẹ́nu ba èésú. Lọ́jọ́ kejì ló tó dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ bó ṣe jáde lẹ́yọ lẹ́yọ mú kó jọ irọ́ tí wọ́n ń hun lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kó ṣe rọrùn. Kí ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ₦850,000 tirẹ̀ sínú àkáǹtì tirẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlẹ́wà fúnra rẹ̀. Ìyẹn á ṣẹ́ ₦4,700,000 kù fún Ìyá Bọ́dé, owó tirẹ̀ gan-an. Wọ́n á ṣì béèrè, torí pé ₦4,700,000 ò jọ ₦200,000 ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n òkìtì méjì péré ló máa ṣàlàyé, ìwé sì wà fún méjèèjì. Tí kò bá wá sí bí ẹ ṣe lè ṣe é ju kí owó gbogbo yín gba àkáǹtì kan, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì sọ ọ́ ní kàǹtá kí ẹnikẹ́ni tó bi yín.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un kí n tó kúrò níbí. Ká ní òkìtì kan ṣoṣo ni, ilẹ̀ lẹ tà, tí ẹni tó rà á sì ka ₦7,000,000 lówó ọwọ́ lé yín lọ́wọ́. Òfin ọdún 2022 yẹn kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má san owó ọwọ́ tó ju ₦5,000,000 lọ fún ẹlòmíràn láìgba báǹkì, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á. Ẹ ti rí i pé bí ẹ bá dáhùn tòótọ́tòótọ́ ní kàǹtá, ẹ ti fẹnu ara yín jẹ́wọ́ ohun tí òfin kọ̀. Torí náà, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ọkọ̀ tàbí igi gẹdú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó san án sínú àkáǹtì. Tí kò bá fẹ́, ẹ wo ẹni náà dáadáa.

Ẹ má gé owó náà sí wẹ́wẹ́

Ẹnì kan á ti gbà yín nímọ̀ràn pé, "Gbé ₦4,900,000 lọ lónìí, kí o gbé èyí tó kù lọ lọ́la, wọn ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan." Ẹlòmíràn á ní kí ẹ gbé díẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, díẹ̀ sí Adó, díẹ̀ sínú àkáǹtì ọmọ yín tó wà ní yunifásítì. Òfin náà dárúkọ ìwà yìí gan-an: kí ẹnikẹ́ni má pín owó sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní báǹkì kan tàbí ní ọ̀pọ̀ báǹkì, nítorí kó má bàa dé iye tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́. Owó tó mọ́ tẹ́lẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. BVN sì so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀ mọ́ra, ibi yòówù kó wà. Iye tó ń sá fún ₦5,000,000 díẹ̀ díẹ̀, bíi ₦4,900,000 tàbí ₦4,950,000, ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ní kàǹtá, ó tiẹ̀ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn.

Àmọ́ ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ohun tí mo sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá Bọ́dé. Owó ẹnì mẹ́ta tó lọ sínú àkáǹtì ẹnì mẹ́ta kì í ṣe gígé. Owó ẹnì kan tó lọ sínú àkáǹtì ẹnì mẹ́ta ni gígé. Bákan náà, ẹni tó ń gbé owó ọjà wá lójoojúmọ́ bó ṣe ń rí i ò gé nǹkan kan. Kódà, bí Ìyá Bọ́dé bá ti ń gbé owó ìrẹsì rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ₦2,000,000 èésú nìkan ni ì bá kù láti ṣàlàyé.

Ní kàǹtá

Ẹ lọ fúnra yín. Ẹ má rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí ọlọ́kadà, torí pé ìbéèrè tí ẹ̀yin nìkan lè dáhùn ni wọ́n máa bi í. Bí owó bá pọ̀, ẹ pe báǹkì lọ́jọ́ tó ṣáájú kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ wá sí yàrá ẹ̀yìn dípò kí ẹ máa ka mílíọ̀nù lójú gbogbo ayé.

Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù kan, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìsanwó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi "òwò" tàbí "ọjà" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí ì bá dáa kí Ìyá Bọ́dé kọ nìyí:

"₦2,000,000: ìpín mi nínú èésú ẹgbẹ́ wa l'Ọ́jà Ọba, oṣù Kejìlá. Èèyàn 20, ₦100,000 lóṣù. Àwòrán ìwé èésú wà níbí.
₦2,700,000: ìrẹsì Igbẹmọ, àpò 36 ní ₦75,000. Owó náà wà nílé látìgbà tí mo ti ń tà á. Rìsíìtì ibi tí mo ti rà á wà níbí.
Mo fẹ́ fi ra ẹ̀wà ní Kánò lọ́sẹ̀ yìí."

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ó ṣàlàyé ìdí tí owó náà á fi jáde kíákíá. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n bá yín kọ ọ́, kí wọ́n sì kà á padà sí yín létí kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́. Ó kéré tán, ọdún márùn-ún ni òfin ní kí báǹkì fi tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá sọ lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí mu.

Ẹ má bi akówó bóyá ó ti kọ orúkọ yín ránṣẹ́. Bí ẹ̀rù owó náà bá ba báǹkì, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ní láti sọ fún NFIU, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni fún òṣìṣẹ́ tó bá ta oníbàárà lólobó. Ìgbà tí Ìyá Bọ́dé bẹ̀ mí pé kí n sọ fún òun, mo kàn ń wo ilẹ̀ ni. Títí dòní ó ṣì gbà pé ìgbéraga ni.

Kò sí owó kankan tí ẹ máa san kí wọ́n má baà béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè nípa ibi tí owó ti wá ò kan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ kejì pé òun ń ṣèwádìí owó tí ẹ san, tó wá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọ fóònù yín fún òun, olè ni. Ẹ pa fóònù, kí ẹ rìn lọ sí báǹkì.

Bí wọ́n bá ti àkáǹtì pa

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé owó á máa wọlé, kò ní máa jáde. Ariwo ò ní ṣí i. Ẹ má béèrè pé, "Kí ni mo ṣe?" torí ìyẹn gan-an ni wọn lè má lè dáhùn. Ẹ béèrè pé, "Ìwé wo lẹ ṣì ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?" Èyí ni wọ́n lè dáhùn. Ìwé mẹ́ta ló ṣí ti Ìyá Bọ́dé: ojú ewé èésú, rìsíìtì ìrẹsì, àti ìwé tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sí. Ó ní gbogbo wọn nílé láti ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọjọ́ kan sì ti tó láti gba ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ tó kù, ìbínú ló jẹ ẹ́. Ọkọ̀ ẹ̀wà sì ti lọ.

Ohun tí ẹ bá kó lọ, ẹ mú ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èkejì fún yín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ti fún wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, tí wọn ò ṣí i, tí wọn ò sì sọ pé àṣẹ ilé-ẹjọ́ tàbí ti ìjọba ló wà lórí ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà nínú báǹkì náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ tó lè kọ̀wé sí báǹkì àpapọ̀, CBN, lórí cpd@cbn.gov.ng. Kí ọmọ yín tó mọ fóònù lò bá yín fi nọ́ńbà ẹ̀sùn náà àti àwòrán àwọn ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ sínú rẹ̀.